Àyẹ̀wò ọdún 2025: sífì tí mo gbé bọ̀ láti Leeds, àti bó ṣe di ti Èkó

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, sífì mi, ìwé ìtàn iṣẹ́ tí mo fi ń wáṣẹ́, tí mo tún kọ ló gba àkókò jù. Kíkó ẹrù láti Leeds wá sí Ògbà kò tó o. Ẹni tó bá ń múra àtipadà wálé lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí kí ọdún tó parí.

Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn tẹ́lẹ̀. Mo lọ kàwé sí i ní Leeds ní 2012, nígbà tó sì di 2014 mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kẹ́rà nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bẹ̀rẹ̀: wíwẹ̀ fún wọn, fífún wọn lóúnjẹ, iṣẹ́ òru. Mo di olórí ṣíìfù, ní 2020 mo sì di igbákejì mánéjà ilé náà. Bẹ́ẹ̀dì 44, òṣìṣẹ́ bí àádọ́ta. Oṣù Kẹta ọdún yìí ni mo padà wálé pátápátá.

Sífì tí mo gbé bọ̀ dára. N'ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé yẹn ì bá fún mi níṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àwọn ọsibítù aládàáni l'Ékòó, fún ipò alábòójútó iṣẹ́ ọsibítù, kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ọsibítù kan ló wá pè mí níkẹyìn. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú o, mo ti ka ìwé yín tán. Kí ni iṣẹ́ yín gan-an? Ṣé ìyá arúgbó kan lẹ ń bá gbé ni?" Mi ò bínú sí i. L'Ékòó níbí, ẹni tó ń tọ́jú arúgbó, ọmọ ọ̀dọ̀ ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, tàbí ìbátan tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Mo ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó sì yé e kíá. Ohun tí mo ṣàlàyé yẹn gan-an ni kò sí nínú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá lórí àwọn nǹkan kéékèèké. Nọ́ńbà fóònù +44 ló wà lórí ìwé mi tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fi káàdì ọ́fíìsì pe Leeds. Mo fi nọ́ńbà ilé síbẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì Ògbà. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tí mo ti yọ kúrò láti 2014, torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, mo dá a padà, nítorí níbí ó lè jẹ́ òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ipò tí mo fi jáde ní yunifásítì, àti ìpínlẹ̀ tí mo ti wá. Iṣẹ́ báǹkì tí mo ti gé kù sí ìlà kan, mo fẹ̀ ẹ́ padà: kíka owó, mímú kí ìwé àkáǹtì ṣe déédéé lálẹ́, dídá oníbàárà lóhùn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìyókù. Ọjọ́ orí ni mi ò fi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n á béèrè.

Ìlà kan ló dà bí ẹni pé òun ló dára jù nínú sífì àtijọ́ yẹn. Ó ní mo wà lára àwọn tó gbé ilé náà kúrò ní ipò "ó nílò àtúnṣe" lọ sí "ó dára" lọ́dọ̀ CQC. CQC ni àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú wò ní Ìgilàńdì. Ipò mẹ́rin ni wọ́n máa ń fúnni, "ó nílò àtúnṣe" ló sì tẹ̀ lé èyí tó burú jù. Gbogbo mánéjà ilé ìtọ́jú ní Leeds ló mọ bí iṣẹ́ yẹn ti tó. L'Ékòó, lẹ́tà mẹ́ta lásán ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ CQC níbí. HEFAMAA ni, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń forúkọ ọsibítù sílẹ̀ tó sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò: ṣé ìwé àṣẹ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣì dára, báwo lẹ ṣe ń da ìdọ̀tí ọsibítù nù, irinṣẹ́ wo lẹ ní. Ọsibítù tó bá ti ń retí HEFAMAA mọ ohun tí àyẹ̀wò ń fojú ẹni rí. Nítorí náà mo kọ ọ́ pé àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, bí HEFAMAA ti ń ṣe l'Ékòó, rí àléébù lára ilé wa ní 2019, pé èmi ni mo bójú tó àtúnṣe lórí oògùn, àti pé nígbà tí wọ́n padà wá ní 2022 wọ́n gbé wa sókè.

Ìyẹn ṣì kù díẹ̀ káàtó, torí "bójú tó àtúnṣe" lè jẹ́ ohunkóhun. Kí ni mo ṣe? Nílé ìtọ́jú, ìwé oògùn kan wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó ní àpótí kékeré fún gbogbo oògùn ní gbogbo wákàtí tó yẹ kó lò ó. Ẹni tó bá fún un loògùn á fọwọ́ sí àpótí náà. Àpótí tó bá ṣófo, ọ̀kan nínú méjì ni: bóyá wọn ò fún un loògùn, tàbí wọ́n fún un, wọn ò fọwọ́ sí i. Àwọn àpótí òfìfo yìí ni CQC rí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí a ṣe kò le. Olórí ṣíìfù tó ń wọlé kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń jáde, àfi tí àwọn méjèèjì bá ti jọ wo gbogbo ìwé tán. Bí òfìfo bá wà, ẹni tó ń jáde ò tíì lè lọ sílé. Láàárín oṣù mélòó kan, òfìfo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo kọ èyí sínú sífì ní ìlà mẹ́ta, bí mo ti sọ ọ́ yìí, òun ló sì mú kí dókítà tó ni ọsibítù tí mo wà báyìí pè mí. Ní ìntàfíù, kò béèrè nǹkan kan nípa Leeds. Ó fi ìka lé ìlà yẹn, ó ní, "Ẹ̀yin, ẹ mọ̀ pé oògùn tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ níbí, a kì í rí owó rẹ̀ gbà?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n, sà. Aláìsàn tí HMO ń sanwó fún, bí nọ́ọ̀sì bá fún un lábẹ́rẹ́ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, HMO lè kọ̀ láti san án, ọsibítù ló sì máa gbé gbèsè náà. Ohun tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò aláìsàn ní Leeds, ọ̀rọ̀ owó ló tún jẹ́ l'Ékòó. Mi ò kọ sínú ìwé pé mo ti bá HMO ṣiṣẹ́ rí, torí mi ò bá wọn ṣe é rí. Mo kọ ohun tí mo ṣe, dókítà fúnra rẹ̀ ló rí ibi tó ti bá ìṣòro rẹ̀ mu.

Ìlà kejì tí mo gbé wá sókè ni ti rọ́sítà, ìwé tó ń sọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó máa ṣe é. Ní Leeds, bí òṣìṣẹ́ bá sọ ní ọjọ́ Jímọ̀ pé òun ò ní wá lálẹ́, a máa ń pe éjẹ́ńsì tó ń yáni lóṣìṣẹ́, éjẹ́ńsì sì wọ́n ju òṣìṣẹ́ tiwa lọ. Iṣẹ́ mi ni láti dín in kù: mo ń tẹ rọ́sítà jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, mo sì ní orúkọ àwọn tó fẹ́ àfikún iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan fún ẹni tó wà nílé. Àṣé òun gan-an ni wọ́n ń wá, torí nọ́ọ̀sì ń já pa lọ sókè òkun lójoojúmọ́, lókọ́ọ̀mù, àwọn òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀, ni wọ́n sì fi ń dí àlàfo. Ẹ wò ó, ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì wọn ń bọ̀!

Ibì kan wà tí mi ò dé. Ẹ̀gbọ́n mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú kọ nọ́ọ̀sì, ó ní "ta ló máa lọ wádìí?" Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà sì wà. Nílé ìtọ́jú tí mo wà ní Leeds, oògùn mímu ni kẹ́rà tó ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń fúnni. Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló ń wá gún abẹ́rẹ́, òun ló ń wẹ ọgbẹ́. Bí wọ́n bá gbà mí gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì tí wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ lé mi lọ́wọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Owó oṣù ni ọ̀ràn tó kàn. Fọ́ọ̀mù á ní kí o kọ iye tí o ń gbà níbi tí o ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń gba £31,000 lọ́dún, tó sọ ọ́ di náírà ní nǹkan bíi ₦2,000 sí pọ́n-ùn kan, ó di mílíọ̀nù 62, ìyẹn ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ lóṣù. Ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù á pa á dé. Pọ́n-ùn ni mo kọ, mi ò sọ ọ́ di náírà, mo sì kọ iye tí mò ń fẹ́ níbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní náírà, lóṣù, kí wọ́n tó yọ owó orí. Mo tún béèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀, torí òfin 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ dá 8. Nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì tí mo gbà nígbà tí mo wà ní báǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́; òun ni mo fún wọn, mi ò ṣí òmíràn.

Ẹ̀rí ló wá kù. Agbanisíṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ ọjọ́ tí o wọlé, ọjọ́ tí o jáde àti orúkọ ipò rẹ nìkan, kò ní í sọ pé o dára tàbí o burú. Níbí, lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ní nǹkan kan nínú sí ọ. Mo sọ èyí fún ọsibítù ṣáájú kí lẹ́tà náà tó dé. Mo fi P60, ìwé owó iṣẹ́ àti owó orí tí agbanisíṣẹ́ máa ń fúnni lọ́dọọdún, ti ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn kún un, pẹ̀lú ìtàn iṣẹ́ tí mo gbà jáde láti àkáǹtì owó orí mi lọ́dọ̀ HMRC, àjọ owó orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi orúkọ agbanisíṣẹ́ àti ọdún hàn. Àbọ̀ àyẹ̀wò CQC ti ilé wa sì wà lórí cqc.org.uk, ẹnikẹ́ni lè lọ kà á. Mo tọ́ka sí ojú ìwé tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oògùn. Onídùúró méjì tí wọ́n tún béèrè, pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé ìdánimọ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀gá mi àtijọ́ ní báǹkì ló bá mi ṣe é.

Oṣù Kẹwàá ni mo wọṣẹ́, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán mi wò. A ti bẹ̀rẹ̀ ìwé oògùn tuntun ní wọ́ọ̀dù kan, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń kùn pé mò ń fi kọ́kọ́rọ́ dá àwọn dúró. Wọ́ọ̀dù kejì di Oṣù Kìíní.