Ẹ jẹ́ kí PCA kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ kí ẹ tó yin ọtoẹnkódà

Ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ détà nìyí: mi ò kí í gba ìròyìn ọtoẹnkódà kankan gbọ́ títí mo fi máa rí ohun tí PCA, ìyẹn ọ̀nà ìṣirò kan tó ń fún nọ́ńbà púpọ̀ pọ̀ di díẹ̀, ṣe lórí détà kan náà, pẹ̀lú iye nọ́ńbà kan náà.

Nẹ́tíwọ̀kì tí a ní kó dá ohun tó gbà padà bó ṣe rí ni ọtoẹnkódà. Ibi tóóró tí a fi sáàárín rẹ̀ ló sọ ọ́ di iṣẹ́. Àwòrán MNIST kan, ìyẹn àwòrán nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ kọ, ní nọ́ńbà 784, àmọ́ a lè sọ pé 30 péré ló máa ráyè kọjá láàárín. Ẹnkódà á fún un pọ̀, dikódà á tú u. PCA náà ń fún détà pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà gbọọrọ nìkan ló mọ̀: á wá ìhà tí détà ti fọ́nká jù, á tọ́jú rẹ̀, á tún wá èyí tó tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2006, Geoffrey Hinton àti Ruslan Salakhutdinov fi irú àfiwé yìí hàn lórí àwòrán nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ kọ. Pẹ̀lú nọ́ńbà 30, àṣìṣe PCA jẹ́ 13.87, ti ọtoẹnkódà wọn jẹ́ 3.00. Àfiwé yẹn ló jẹ́ kí iye kejì nítumọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba iye PCA sílẹ̀, X ni détà yín:

```python
from sklearn.decomposition import PCA
p = PCA(n_components=30).fit(X)
R = p.inverse_transform(p.transform(X))
print(((X - R)**2).sum(axis=1).mean())
```

Lẹ́yìn náà, mo máa ń yọ gbogbo ReLU, ìṣirò tó ń sọ nọ́ńbà òdì di òdo, kúrò nínú nẹ́tíwọ̀kì mi, kó ku ìṣirò ìlà gbọọrọ nìkan, kí n sì fi bias, nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń rò mọ́ èsì, sílẹ̀ síbẹ̀. Lórí détà tí a fi kọ́ ọ, irú nẹ́tíwọ̀kì bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe dáadáa ju PCA lọ láé. Ibi tó dára jù tó lè dé ni iye PCA gan-an. Bí iye tiẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ti PCA lọ, ohun kan ń jò: bóyá ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀gbẹ́ ibi tóóró náà kọjá, tàbí ìwọ̀n tí ẹ fi wọn détà méjèèjì yàtọ̀ síra. Bó bá dúró lókè, ẹ ò tíì kọ́ ọ tó. Ẹ má sì fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ tiẹ̀ wé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti PCA o. PCA máa ń to tiẹ̀ láti orí èyí tó wúwo jù, àmọ́ ọtoẹnkódà lè po gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kó sì pò ó lọ́nà mìíràn nígbà tí ẹ bá tún un kọ́.

Wàyí o, ibo ni ọtoẹnkódà ti wúlò? Ibi tí détà bá ti tẹ̀ kọrọdọ ni. Ẹ wo àwọn àmì tó wà létí òbìrìkìtì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín sí etí jẹ́ 1. Nọ́ńbà kan péré ló yẹ kó tó, ìyẹn igun tí àmì náà wà. Bí PCA bá mú ìlà kan, ìdajì ìfọ́nká ló máa sọ nù, àṣìṣe á jẹ́ 0.5. Ọtoẹnkódà lè mú ìpíndọ́gba àṣìṣe yìí sún mọ́ òdo. Inú èèyàn á dùn, àbí?

Ẹ wo àṣìṣe tó tóbi jù ná. Bí ẹni já ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kó lè tẹ́ ẹ gbọọrọ ni: ó níbi tó gbọ́dọ̀ já. Ẹ mú àmì méjì tó dojú kọra, kí ẹ yọ nọ́ńbà àárín ti èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá yí wọn lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi gba ipò ara wọn, ìyàtọ̀ tó jẹ́ rere á ti di òdì, nítorí náà ó ti gba orí òdo kọjá níbì kan. Níbẹ̀, àmì méjèèjì ní nọ́ńbà kan náà. Ibì kan ṣoṣo sì ni dikódà lè dá wọn padà sí, nígbà tó jẹ́ pé 2 ni wọ́n fi jìnnà síra. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn á ṣìnà tó 1. Kò sí bí a ṣe lè kọ́ nẹ́tíwọ̀kì náà pẹ́ tó tí ìyẹn á fi lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń da àmì tuntun tó sún mọ́ra gan-an sí i, tí mo sì ń ya nọ́ńbà àárín sí ẹ̀gbẹ́ igun. Ìlà náà á máa gòkè pẹ̀lẹ́, á wá ṣubú lójijì níbì kan. Ibẹ̀ ló ti já.

Ẹ lè fún un ní nọ́ńbà méjì. Àmọ́ nígbà náà, bí àmì kọ̀ọ̀kan nínú détà yín bá jẹ́ nọ́ńbà méjì tẹ́lẹ̀, àdàkọ lásán ló ń ṣe. Bó bá sì jẹ́ 50, tí òbìrìkìtì náà tẹ́ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀, PCA onílà méjì á gbé e láìsí àṣìṣe kankan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá.