Tiransifọ́mà tí ẹrù rẹ̀ kò tíì pé, tó sì ń gbóná

Ẹ̀yin tó ń so kọ̀ǹpútà púpọ̀ mọ́ tiransifọ́mà kan ṣoṣo, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kVA tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Àjàṣẹ́ níbí ni mo ti rí ti 100 kVA tó gbóná débi pé òórùn ọ̀dà rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Inú bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà: "Ẹ̀yin oníná, ẹ ní 144 áńpíà ló lè gbé. 130 là ń lò!" Kò sì parọ́.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fa kúráǹ ló fà á. Rẹ́kítífáyà inú rẹ̀ kì í fà á wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi gílóòbù. Ìgbà tí fóltéèjì bá dé góńgó nìkan ló ń já a gbà, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń gbé omi mì. Kúráǹ tó bá ń já báyìí kì í ṣe 50 Hz nìkan mọ́: 150, 250 àti 350 Hz, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún àti méje rẹ̀, ti wọ inú rẹ̀. Àwọn yẹn là ń pè ní hàmọ́níìkì. Wọ́n ń dá kúráǹ kéékèèké tó ń yí po sínú bàbà tí wọ́n wé, èyí tí kò ṣiṣẹ́ kankan ju ooru lọ. Bí áńpíà bá dọ́gba, ooru yíyípo tí hàmọ́níìkì karùn-ún ń mú wá tó ìlọ́po 25 ti 50 Hz.

Nọ́ńbà kan tí à ń pè ní K ló ń ka gbogbo ooru yíyípo yìí pọ̀:

```
K = Σ(I²h²) / ΣI²
```

`h` ni ipò hàmọ́níìkì, `I` ni kúráǹ rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, ìkẹta jẹ́ 60 nínú 100 ti 50 Hz, ìkarùn-ún 40, ìkeje 20. Òkè jẹ́ 10.2, ìsàlẹ̀ 1.56, K wá di 6.5. Ẹrù tí kò ní hàmọ́níìkì, K rẹ̀ jẹ́ 1.

Ìwé àwọn tó ṣe tiransifọ́mà náà sọ pé ooru yíyípo jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ooru wáyà. Ẹ béèrè ìwé yìí kí ẹ tó sanwó o. Ìdá áńpíà tó ṣì lè gbé pẹ̀lú K yẹn nìyí:

```
√(1.1 / (1 + 6.5 × 0.1)) = 0.82
```

144 tí a sọ di púpọ̀ ní 0.82 jẹ́ 118. 130 tí wọ́n ń lò ti ré kọjá.

Wáyà nútírà ni mo kọ́kọ́ máa ń wọ̀n, nítorí ìkẹta orí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í pa ara wọn rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń para pọ̀ níbẹ̀. Tiwọn tó 187 áńpíà. Mítà tí wọ́n kọ `True RMS` sí ni kí ẹ lò. Mítà tí kò ní in yóò fi èyí tó kéré hàn yín.

A kó kọ̀ǹpútà díẹ̀ lọ sórí ìlà mìíràn títí áńpíà fi wọ abẹ́ 118, a sì fi wáyà nútírà tó nípọn sí i. Wọ́n lè ra tiransifọ́mà K-13, ṣùgbọ́n kò ní lé hàmọ́níìkì lọ, wọ́n kàn ṣe é kó lè fara da ooru wọn ni.

Rẹ́kítífáyà ńlá tó ń lo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìlo nútírà kì í sábà ní ìkẹta yìí. Ìkarùn-ún àti ìkeje ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà nútírà lè tutù kí tiransifọ́mà sì máa jó.