Páálí ẹja 300 àti ọ̀rọ̀ mọ́kànlá

Ọjọ́rú. Òjò àná kò dá títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì pẹ́ kí n tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Aago 8:40 ni mo ṣí Slack. Lórí `#ibadan-stores`, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló tò tẹ̀lé ara wọn láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa tó ń mójú tó sítóò, gbogbo wọn láàárín aago 7:38 sí 7:52 alẹ́ àná. Àmì kan ṣoṣo ló wà lára wọn. Ọ̀gá wa obìnrin tó wà ní Niú Yọ́ọ̀kì fi àtàǹpàkò sí èyí àkọ́kọ́.

Òyìnbó la fi ń kọ̀wé síra wa níbẹ̀. Bí ó ṣe máa dún lẹ́nu wa nìyí, mo yọ díẹ̀ kúrò:

> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé.
>
> Ẹ kú làálàá ọjọ́ òní.
>
> Ẹ rántí pé mo ti sọ ọ́ lóṣù tó kọjá pé yàrá yìnyín kejì ń ṣe bákan.
>
> Láti ọjọ́ Ajé ni ariwo rẹ̀ ti yàtọ̀. Mo pe oníṣẹ́, kò wá, ó ní òjò ń rọ̀ níbi tóun wà.
>
> Ó dé lónìí. Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ kápásítọ̀, kò yí padà. Ó ní mọ́tò fáànù ẹ̀yìn ló jóná, pé ìyẹn ló ń mú kọmpúrẹ́sọ̀ gbóná tó fi ń kú fúnra rẹ̀.
>
> A rí ọ̀kan ní Ògùnpa. Ẹni tó ń tà á kò fẹ́ gba àwìn rárá. 385 ló pè é pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ó lóun á bá wa tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la.
>
> Ẹ bá wa dá sí i o. Ẹ ṣeun.

Mo kà á tán, mo tún un kà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe pàtàkì tó gbàgbé. Síbẹ̀ alẹ́ ti kọjá, ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan.

Mo pè é lórí fóònù. N kì í tún ọ̀rọ̀ àgbà ṣe níwájú èrò; kò dáa lójúlé, kò sì dáa lórí Slack. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àárọ̀. Báwo ni yàrá kejì?"

"Àbúrò mi, −11 ló wà báyìí. −18 ló máa ń wà. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn ẹ̀. Ṣé ẹ ò tíì san owó ni? Ọ̀gá ti gbà á látàná."

"Níbo ni wọ́n ti gbà á?"

"Wọ́n fi àtàǹpàkò sí i."

Ọkàn mi gbọgbẹ́. Aago 2:38 ọ̀sán ni lọ́dọ̀ ọ̀gá nígbà tí ìkíni yẹn wọlé. Ohun tó yọ lójú fóònù wọn ni "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé", wọ́n sì fi àtàǹpàkò dáhùn bí ẹni tó ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. Ìkíni ni wọ́n dá lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rò pé owó ni wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn méjèèjì sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, yàrá yìnyín sì ń gbóná lọ.

Ó tún kù síbì kan. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rántí pé òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó wá padà sínú ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó ṣàtúnṣe rẹ̀, ó fi `@ops-head`, orúkọ ọ̀gá lórí Slack, kún un. Mo rí `(edited)` níwájú rẹ̀. Kò mọ̀ pé tí a bá fi orúkọ ẹni kún ọ̀rọ̀ tó ti jáde tẹ́lẹ̀, fóònù onítọ̀hún kò ní dún. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kọ́kọ́ jáde nìkan ni orúkọ inú rẹ̀ máa ń jí olórúkọ. Ẹni tó bá gbàgbé orúkọ, kí ó kọ òmíràn.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Mo fẹ́ràn òwe yẹn, ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó láti àárọ̀ pé ẹni tó wà nítòsí ni wọ́n ń pa á fún. Bí ọ̀gá bá wà ní sítóò lánàá, ojú ẹ̀gbọ́n nìkan á ti tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbi tí agogo fi wákàtí 5 yàtọ̀ sí tiwa, tó ń fi ojú kan wo fóònù láàárín ìpàdé méjì, inú rẹ̀ kò ráyè sọ àbọ̀ di odidi. Àwa la máa sọ odidi, kí a sì sọ ọ́ ní kúkúrú.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé, "Kí lẹ fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Mo fara balẹ̀ gbọ́, mo tún bi í. Ìgbà kẹta ló sọ pé, "Kí wọ́n fọwọ́ sí owó mọ́tò, kí ẹ san án."

Ọ̀rọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Kò sí nínú mọ́kànlá àná. "Ẹ bá wa dá sí i" ló wà níbẹ̀, gbólóhùn yẹn kò sì ní ibi tí èèyàn lè dì í mú: ta ni kó dá sí i, kí ló máa ṣe, ìgbà wo? Owó tó bá ti ju ₦250,000 lọ, èmi kò lágbára láti san án láìsí ọwọ́ ọ̀gá. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo wa lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn ló lè ṣe nǹkan náà, "gbogbo ilé" sì ni a kọ ọ́ sí.

Mo tún bi í pé ìgbà wo ni ó máa pẹ́ jù. Ó ní ẹni tó ń ta mọ́tò lóun kò lè tọ́jú rẹ̀ kọjá aago 3 ọ̀sán. Ní ti ẹja, tí yàrá bá fi lè kọjá −5, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, páálí 300 ló sì wà níbẹ̀, títúsì àti kótè. A jọ kọ ọ́ lórí fóònù. Òun ló ń tẹ̀ ẹ́, nítorí orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó wà lórí ọ̀rọ̀ sítóò rẹ̀:

> `@ops-head` Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí ₦385,000 kí aago 3 ọ̀sán òní tó lù (aago 10 àárọ̀ lọ́dọ̀ yín), ká fi ra mọ́tò fáànù yàrá yìnyín kejì.
>
> Mọ́tò náà jóná. Yàrá ti kúrò ní −18, ó ti dé −11. Páálí ẹja 300 ló wà nínú rẹ̀. Oníṣẹ́ ti pààrọ̀ kápásítọ̀, kò yí padà. Lẹ́yìn aago 3, wọ́n á ta mọ́tò náà fún ẹlòmíràn.
>
> Fọ́tò àti ìwé iye owó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkíni wà níbẹ̀. N kò gbà pé kí a yọ ọ́ kúrò, ìkíni kọ́ ló dá wa dúró. Dídá tó dá wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló dá wa dúró, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló dé ojú fóònù. Kí ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ wà lórí ìlà kan náà, kí ẹni tó bá rí ọ̀kan rí èkejì.

Gbólóhùn kápásítọ̀ yẹn, mo fẹ́ yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè túbọ̀ kúrú. Mo rántí oṣù tó kọjá. Mo kọ irú rẹ̀ nípa jẹnẹrétọ̀, mo gé e títí ó fi ku ìlà kan: iye owó, àkókò, ó parí. Ọ̀gá béèrè bóyá a ti yẹ àsẹ́ epo wò. A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdáhùn yẹn nìkan gba ìdajì ọjọ́, nítorí wọ́n ti wọ ìpàdé kí n tó rí ìbéèrè. Látìgbà náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bá mọ̀ pé ẹni tó máa fọwọ́ sí i á béèrè, mo máa ń dáhùn rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ náà, kódà bí ó bá fi ìlà kan gùn sí i.

Ibi tó le jù ni "mo ti sọ ọ́ lóṣù tó kọjá". Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ yọ ọ́. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á: tí ẹja bá bàjẹ́, ta ni wọ́n máa mú? Òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kó wà lákọsílẹ̀. Mo ní kí ó tẹ `Reply in thread` lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ó kọ gbogbo ìtàn sí ibẹ̀ láti oṣù tó kọjá, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ á rí i níbẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ fọwọ́ sí owó kò ní wá ọ̀nà gba inú rẹ̀. Ó gbà. Mo rò pé ìdajì gígùn tí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì máa ń gùn jẹ́ ti ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀, kò sì yẹ ká bínú sí i. Ká wá ibòmíràn fún un ni.

Nígbà tí à ń kọ ọ́ ni mo tún rí ìdí tó fi di mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ bọ́ sí ìlà tuntun, ó ń tẹ `Enter`, ọ̀rọ̀ sì ń lọ. Mo fi `Shift+Enter` hàn án. Lẹ́yìn náà a wọ `Preferences`, a bọ́ sí `Advanced`, a yí i kí `Enter` máa ṣí ìlà tuntun, kí ó máa fi `Ctrl+Enter` fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó ní òun ti ń rò pé kọ̀ǹpútà òun ló ń ṣàìsàn.

Aago 9:25 ló jáde. Aago 4:25 ìdájí ni lọ́dọ̀ ọ̀gá, a kò retí ohùn. Aago 11:17 ni ó wọlé: "Mo fọwọ́ sí ₦385,000. Ẹ san án báyìí." Mo ṣe tíránsífà náà lójú ẹsẹ̀, mo sì fi ẹ̀rí rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Àtàǹpàkò kankan kò sí lára rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ pè mí láti sọ bẹ́ẹ̀. A fẹnu kò pé owó kò ní jáde lórí àtàǹpàkò mọ́, àfi kí iye rẹ̀ wà nínú èsì.

Oníṣẹ́ gbé mọ́tò dé láti Ògùnpa ní nǹkan bí aago 1. Yàrá ti dé −8 nígbà yẹn. Mo gbọ́ ìró fáànù lórí fóònù ní aago 3 kọjá díẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbé e sí i létí fún mi.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti relé nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lórí `#ibadan-stores`:

> Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Yàrá kejì ti padà sí −14, ó ń lọ sílẹ̀ sí i. Ẹja kankan kò yọ́. Ìròyìn lásán ni, n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N ó tún wò ó ní aago 9 alẹ́.