Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Kọ Ìwé Orírun fún Ilẹ̀kùn Bàbá Bàbá Mi

Nígbà tí a pín ẹrù bàbá mi ní ọdún 2019, ilẹ̀kùn tí a gbẹ́ ọnà sí lára, tí ó ti wà ní ẹnu yàrá bàbá bàbá mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bọ́ sí ọwọ́ mi. Ilé náà wà ní ilẹ̀ Yàgbà, kò jìnnà sí Ìsánlú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ yá ilẹ̀kùn náà fún ìpàtẹ, wọ́n sì ní kí n kọ ìwé orírun rẹ̀ wá, ìyẹn ìwé tí ó ń sọ ibi tí nǹkan ti wá, àwọn ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá, àti bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín lónìí. Mo jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ ojú ìwé mẹ́rin, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà fún mi.

Ohun tí mo kọ dùn ún kà, mi ò ní purọ́. Mo kọ ọ́ pé bàbá bàbá mi ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Ọ̀sì, pé ọkùnrin náà wá gbé ọ̀dọ̀ wa, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ní àgbàlá wa títí ó fi parí. Obìnrin tí ó yẹ ìwé náà wò fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ìbéèrè kan náà sí ẹ̀gbẹ́ wọn: «Ta ni ó rí i?» Nígbà tí mo dáhùn ìbéèrè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì péré ni mo lè sọ pé èmi ni mo rí i: pé ilẹ̀kùn náà wà ní ẹnu yàrá ní ìgbà èwe mi, àti pé ẹbí gbé e fún mi ní 2019. Gbogbo ìyókù, ẹnu ni mo ti gbọ́ ọ, n kò sì kọ ẹnu ẹni tí mo ti gbọ́ ọ.

Nítorí náà mo tún un bẹ̀rẹ̀, mo sì pín gbólóhùn mi sí ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí mo fi ojú mi rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Mo rí i pé». Ohun tí mo gbọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ọjọ́ tí ó sọ ọ́, àti ibi tí a jókòó sí. Ohun tí èmi fúnra mi rò pọ̀ láti inú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Èrò mi ni pé», mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí mo fẹ́ lọ búra sí ìwé náà ní kóòtù, pé òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ohun kan náà ní abala 115: ẹni tí ó bá búra sí ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dárúkọ onítọ̀hún, kí ó sì sọ àkókò, ibi àti bí ó ṣe gbọ́ ọ. Òǹtẹ̀ kóòtù kò sì sọ àgbọ́sọ di àfojúrí. Ohun tí ó jẹ́rìí sí ni pé mo búra.

Kí n tó padà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà, mo kọ́kọ́ bi ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ léèrè. Mo gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn àárọ̀, mo wọ̀n ọ́n: gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 158, ìbú rẹ̀ 71, nínípọn rẹ̀ sì tó 4. Pákó méjì ni a fi irin dè pọ̀. Ìlà ọnà mẹ́rin ni ó wà lójú rẹ̀: ẹlẹ́ṣin kan wà lókè, babaláwo pẹ̀lú ọpọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin tí ó gun kẹ̀kẹ́ tí ó sì fi ìkòkò tábà sẹ́nu, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni obìnrin mẹ́ta tí wọ́n dúró. Ibi àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọn kò ní ẹsẹ̀. Láti kékeré ni mo ti rò pé bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dojú ilẹ̀kùn náà délẹ̀, mo rí ojú ayùn tí ó mọ́ tónítóní ní etí ìsàlẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú àáké ni ó kún gbogbo ẹ̀yìn pákó náà. Ẹnì kan ti gé e kúrú.

Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀kùn àtijọ́ mọ̀ pé wọn kì í ní híńjì. Láti ara pákó náà gan-an ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀pá kúkúrú yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí yóò máa yí nínú ihò tí a gbẹ́ sí àtẹ́rígbà àti ìloro. Kùkùté ọ̀pá ti òkè ṣì wà lára ilẹ̀kùn wa, ní ọwọ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti dán bí ọmọ odó tí a ti lò pẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni híńjì mẹ́ta tí ó gbé e ró nílé wa wà. Mo padà lọ wo férémù yàrá náà, mo fi ìka tọ àtẹ́rígbà àti ìloro láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: kò sí ihò, kò sì sí àmì pé a dí ihò kan rí. Èrò mi, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ni pé ilẹ̀kùn náà ti yí fún ọdún púpọ̀ ní ẹnu ọ̀nà mìíràn tí ó ga ju tiwa lọ, kí a tó gé e, kí a tó fi híńjì sí i. Ìtàn pé àgbàlá wa ni a ti gbẹ́ ẹ kò lè dúró mọ́.

Àpótí bàbá bàbá mi ni mo tú lẹ́yìn ìyẹn. Mo rí rìsíìtì káfíńtà kan nínú rẹ̀: híńjì mẹ́ta, gígé ilẹ̀kùn, owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Ibi tí ọdún yẹ kí ó wà ti ya. Síbẹ̀, náírà di owó wa ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, nítorí náà rìsíìtì náà ti ṣáájú ìyẹn. Òkè rẹ̀ sì ka ẹkùn Àríwá àti Kàbà, ẹkùn náà sì ti di ìtàn láti ìgbà tí a dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967. Àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó tún fa okùn náà kúrú: ilẹ̀kùn náà wà lẹ́yìn ìyàwó, pẹ̀lú híńjì rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn obìnrin aláìlẹ́sẹ̀ sì hàn kedere. A kọ 1961 sí ẹ̀yìn àwòrán náà, ṣùgbọ́n n kò mọ ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, nítorí náà mo wá ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn, ó sì bá a mu. Ohun tí mo kọ ni pé ilẹ̀kùn náà ti wà nílé wa «ó pẹ́ tán, ní 1961». N kò kọ pé 1961 ni ó dé. Bákan náà, mo kọ orúkọ tí ìlú wa ń jẹ́ lábẹ́ ìjọba ìgbà náà kí n tó kọ Ìpínlẹ̀ Kogí, nítorí pé oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni a dá Kogí sílẹ̀, ìwé tí ó bá sì gbé Kogí lọ sí 1961 yóò mú kí ẹni tí ń kà á fura sí ìyókù.

Ní àkókò yìí ni oníṣòwò kan tí ó gbọ́ nípa ilẹ̀kùn náà wá bá mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé Àreògún ti Ọ̀sì ni ó gbẹ́ ẹ, pé orúkọ yẹn nìkan yóò sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá. Òótọ́ ni pé Àreògún, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1954, gbẹ́ irú ilẹ̀kùn onílà bẹ́ẹ̀, àti pé ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ agbègbè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn mìíràn ní agbègbè náà gbẹ́ ohun tí ó jọ ọ́. Mo kọ ọ́ pé «ó jọ iṣẹ́ agbègbè Ọ̀sì», mo sì dúró síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà wúlò fún mi ju orúkọ lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbẹ́ kẹ̀kẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tó dé ìlú rẹ̀.

Ọjọ́ orí ilẹ̀kùn náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Òfin tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1979 dárúkọ ilẹ̀kùn gan-an mọ́ iṣẹ́ ọnà tí ó lè jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí a bá ṣe é kí ọdún 1918 tó dé, tàbí bí ó bá níyì nínú ìtàn tàbí ọnà tí a sì ti lò ó rí fún ayẹyẹ ìbílẹ̀. Irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè láìgba ìwé àṣẹ, títà àti rírà rẹ̀ sì ní ìlànà tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá rántí pé nígbà kan, ẹ̀kú egúngún ni wọ́n ń kó sínú yàrá náà. Ó bẹ̀ mí kí n má kọ ọ́, kí ìjọba má baà gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wa. Mo kọ ọ́, mo dárúkọ rẹ̀ pé òun ni ó sọ ọ́. Bóyá dídé ẹnu yàrá ẹ̀kú tó láti pè é ní ohun ayẹyẹ, àwọn àjọ náà ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ó bínú sí mi fún bí oṣù kan.

Mo tún nílò ìbuwọ́lù rẹ̀, nítorí pé dúkìá ẹbí kì í di ti ẹnì kan lẹ́nu ara rẹ̀. Olórí ẹbí àti aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà fún mi níwájú ara wọn. Òun ni ó fọwọ́ sí i kẹ́yìn.

Àlàfo kan ṣì wà: ta ni ó ni ín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi? Mo fi ìlà kan sílẹ̀ fún un, mo kọ sínú rẹ̀ pé «A kò mọ ilé tí ó ti wá, tàbí bóyá rírà ni tàbí ẹ̀bùn». Ìwé náà kò ju ojú ìwé kan àbọ̀ lọ. Mo gbé e lọ bá ìyá àgbà, àbúrò bàbá bàbá mi, ẹni tí ìtàn gbẹ́nàgbẹ́nà inú àgbàlá ti ẹnu rẹ̀ wá. Mo kí i pé «Òkun o, Ìyá», mo sì kà á fún un kí ó tó tẹ̀ka. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé ibòmíràn ni a ti gbẹ́ ẹ, ó dá mi dúró.

«Ta wá ni mò ń gún iyán fún nígbà náà? Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi jókòó ti ilẹ̀kùn yẹn nínú àgbàlá, tí èèpo igi ń fò.»

Mo bi í bóyá èèpo ni àbí eruku. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní eruku ni, ó funfun, ó sì máa ń bà lé ọbẹ̀. Èrò mi ni pé káfíńtà inú rìsíìtì ni ó gún iyán fún. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún ìwé náà bí ó ṣe sọ ọ́, mo kọ ọjọ́ náà sí i, mo kọ èrò mi sí abẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ka.