Ìwọ̀n eré Kòrólà látinú fọ́tò tó fà: ibi tí mo bá a dé

Sátidé ni mo rí fọ́tò tí mo ti ń wá yà, èyí tí ara mọ́tò fà nínú ẹ̀ torí ó ń sáré, kí n lè fi bó ṣe fà tó ṣírò eré ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wa Kòrólà 2005 ẹ̀ kọjá níwájú mi, mo sì ti gbé fóònù sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lódìkejì títì, mi ò yí i tẹ̀lé mọ́tò rárá, torí tí kámẹ́rà bá tẹ̀lé e, fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ló máa fà, ara mọ́tò ò ní fà mọ́. Kí n tó wọn nǹkan kan, mo kọ́kọ́ wo iye àsìkò tí ojú kámẹ́rà fi ṣí:

```
exiftool -ExposureTime korola.jpg
```

Ó ní 1/30, ìyẹn sẹ́kọ́ńdì kan tá a pín sí ọgbọ̀n. Kòrólà yẹn gùn tó mítà 4.53, òun ni rúlà mi. Mi ò lo fẹ́ǹsì, torí ó jìnnà sí kámẹ́rà ju mọ́tò lọ, mítà kan níbẹ̀ kéré sí mítà kan lára mọ́tò.

Mo wọn mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó jẹ́ píksẹ́lì 996. Ibi tó ń dán lára ọwọ́ ilẹ̀kùn fà tó 96, àmọ́ nígbà tí mọ́tò dúró, ìtànṣán yẹn fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó 6, torí náà 90 ló ṣẹ́ kù. Mo ṣírò ẹ̀, ó gbé kìlómítà 44 ní wákàtí kan jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, àádọ́ta ni abẹ́rẹ́ wà, mo ń wò ó."

Mo padà sún fọ́tò náà mọ́ra, mo wá rí i pé búlọ́ọ̀kù fẹ́ǹsì ń hàn wúyẹ́wúyẹ́ láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà o! Iwájú mọ́tò ò sí níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ojú kámẹ́rà fi ṣí, torí náà 996 kì í ṣe gígùn mọ́tò nìkan, gígùn ẹ̀ pẹ̀lú ìrìn tó rìn ni. Àárín tó ṣú dáadáa, tí fẹ́ǹsì ò hàn nínú ẹ̀ rárá, ìyẹn ni gígùn ẹ̀ láìsí ìrìn yẹn, ó sì jẹ́ 816. Mo pa méjèèjì pọ̀, mo pín in sí méjì, ó di 906, ìyẹn gígùn mọ́tò gan-an. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, mo pín in sí méjì, ó di 90, iye kan náà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn sọ, inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀.

```
906 / 4.53 = 200 px/m
90 / 200 = 0.45 m
0.45 * 30 = 13.5 m/s = 48.6 km/h
```

Abẹ́rẹ́ mọ́tò sábà máa ń fi díẹ̀ lé eré tí mọ́tò ń sá, torí náà 48.6 bá àádọ́ta ẹ̀gbọ́n mi mu.

Ibi tó ṣì ń dà mí láàmú ni etí ibi tó ń hàn wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, torí tí mo bá fi píksẹ́lì 5 ṣì í nínú 90, eré á yí tó bíi kìlómítà 2.7. Ká ní 1/125 ni mo lò ni, gbogbo fífà ẹ̀ ò ní ju bíi 22 lọ, àṣìṣe 5 yẹn á sì ti fẹ́ẹ̀ kó ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ. 1/15 ni mo máa lò ní Sátidé tó ń bọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ kí fọ́tò má bàa funfun jù.