Ìlà mílímítà 60 tó di 55 lórí pépà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àgbówó níbi tí èmi náà ti kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó ń súnkì lórí pépà bí a bá tẹ̀ ẹ́, àti èyí tí etí rẹ̀ ń gé sọnù, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Oníbàárà kan ló kọ́ mi, rúlà ló sì fi kọ́ mi.

Bàbá náà ra ilẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà. Sọ̀fẹ́yọ̀ fi àwòrán ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù, fáìlì PDF ni, wọ́n sì ní kí n tẹ ẹ̀dà mẹ́ta fún àwọn. Mo ṣí i nínú Acrobat Reader, mo wo ojú àyẹ̀wò kí n tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo igun ilẹ̀ ló pé, kò sí ìlà kan tó sọnù. Mo bá tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá padà dé pẹ̀lú pépà àti rúlà. Wọ́n fi rúlà lé ìlà tó gùn jù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n kọ mítà 30 sára ìlà yìí, wọ́n sì kọ 1:500 sísàlẹ̀. Èló lo rí níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn. Ní 1:500, mílímítà kan lórí pépà dúró fún ìdajì mítà lórí ilẹ̀. Ìlà mítà 30 gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 60. Rúlà Bàbá sọ pé 55. Ìyẹn túmọ̀ sí mítà 27 àti ààbọ̀. Bàbá ti ń múra láti lọ bá ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wọn pé wọ́n gé ilẹ̀ àwọn. Kò sẹ́ni tó gé ilẹ̀ kankan. Ọwọ́ mi ni mítà méjì àti ààbọ̀ náà ti sọnù, inú pírńtà. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo rò ó pé ìjà ì bá ti bẹ́ sílẹ̀ nítorí pépà tí mo tẹ̀.

Mo tún fáìlì náà ṣí. Lójú àyẹ̀wò, Reader ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé Scale: 92%. Ó kọ ọ́ pé ìwọ̀n fáìlì jẹ́ 8.3 x 11.7in, èyí tí í ṣe A4, ó sì kọ 8.5 x 11 Inches fún pépà, èyí tí í ṣe Letter. Àwòrán nìkan ni mo ń wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, n kò ka àwọn nọ́ńbà náà. Ojú àyẹ̀wò kéré. Bí nǹkan bá fi mẹ́jọ súnkì nínú ọgọ́rùn-ún, ojú lásán kò lè rí i níbẹ̀.

Pépà tí à ń rà lọ́jà níbí, A4 ni: mílímítà 210 sí 297. Letter tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ 215.9 sí 279.4. Ó fi díẹ̀ fẹ̀ jù A4 lọ, ṣùgbọ́n ó fi mílímítà 17.6 kúrú jù ú. A4 wà nínú fáìlì, A4 wà nínú tíréè, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbà pé Letter ni pírńtà ní lọ́wọ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé Fit ni wọ́n yàn ní Reader, ó ń rọ́ ojú ìwé tó gùn jù sínú ààyè tó kúrú. Bí ẹ bá pín 279.4 sí 297, ẹ ó rí 94%. Pírńtà wa kì í sì tẹ nǹkan sórí nǹkan bíi mílímítà 3 ní etí pépà, Fit tún yọ ìyẹn kúrò lókè àti nísàlẹ̀, ó di 92%.

Àṣìṣe tí mo ṣe tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù, nítorí mo rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín. Mo yí Fit sí Actual size, mo fi Letter sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìlà náà padà di mílímítà 60 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo etí pépà, ìlà tó yí gbogbo àwòrán ká ti gé, ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá sì ti di ààbọ̀ lẹ́tà. Ohun kan náà ló fa méjèèjì: Fit fún ojú ìwé pọ̀, Actual size gé ohun tó ṣẹ́kù dànù. Ibi tí pépà ti yàtọ̀ síra la gbọ́dọ̀ tún ṣe kí á tó fọwọ́ kan Scale.

Mo lọ sí Printers & scanners, mo mú pírńtà wa, mo wọ Printing preferences, mo yí Paper size sí A4. Mo pa Reader, mo tún un ṣí, nítorí ó lè di ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mú bí ẹ kò bá pa á. Mo wá yan Actual size. Ojú àyẹ̀wò sọ 100%, ìwọ̀n fáìlì àti ti pépà sì dọ́gba. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi rúlà Bàbá wọ̀n ọ́n: 60 gééré, etí rẹ̀ sì pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Letter tún padà sórí kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀gá mi ló wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tiwọn, Printing preferences tí mo tún ṣe sì jẹ́ ti àkáǹtì tèmi nìkan. Èyí tó kan gbogbo èèyàn wà ní Printer properties, lábẹ́ Advanced, ní Printing Defaults. Ẹ tún ibẹ̀ náà ṣe. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dírafà tuntun sí i, ẹ padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń mú prójẹ́ẹ̀tì wá ní Word, ibòmíràn tún wà: File, Options, Advanced, ẹ wá lọ sí apá Print. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Scale content for A4 or 8.5 x 11" paper sizes. Bó bá wà ní títàn, Word lè sún ojú ìwé kì láìsọ fún yín. Ẹ wo Size lábẹ́ Layout pẹ̀lú, nítorí Letter ni ọ̀pọ̀ wọn fi tẹ iṣẹ́ náà láìmọ̀.

Mo ní fáìlì kan báyìí tí mo ń tẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan àwòrán ilẹ̀ ẹnikẹ́ni: A4 kan tí ìlà mílímítà 100 wà láàárín rẹ̀. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fẹ́ tẹ iṣẹ́ náà. Bí rúlà bá sọ 100, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá sọ 97, pépà lè bára mu, ṣùgbọ́n Fit ló ń fi ààyè etí pírńtà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 94 tàbí 92, Letter ni mo kọ́kọ́ ń wá. Bí àlàfo òfìfo tó tó mílímítà 17 bá sì wà nísàlẹ̀ pépà ju ti òkè lọ, Letter náà ni.

Ibì kan wà tí ètò kankan kò lè dé. Bí sọ̀fẹ́yọ̀ bá fa ìlà etí àwòrán sí mílímítà 2 péré sí etí A4, pírńtà wa kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde ní 100%. Nígbà náà ni mo máa ń sọ fún oníbàárà kí á tẹ̀ ẹ́ sórí A3 kí á gé e, tàbí kí sọ̀fẹ́yọ̀ sún ìlà náà wọlé. N kì í tẹ̀ ẹ́ ní 97% kí n sì fi 1:500 sílẹ̀ lára rẹ̀.