Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin àbúrò mi, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo dúró wò yín nídìí òkú ẹlẹ́dẹ̀ tí a gbé sí Àjíbọ́dé, kí ẹ lè fi ìdin ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń mọ iye ọjọ́ tí òkú ti kú. Ẹ fi ẹ̀mú mú ìdin tó tóbi jù lẹ́nu rẹ̀, ẹ dé ìgò, ẹ sì wọ ọkọ̀. Inú mi ò dùn rárá, nítorí ohun tí èmi náà ṣe ní ọdún 11 sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀kọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún yín.

Èkíní, ìdin tí ẹ máa wọn gígùn rẹ̀, ẹ fi omi tó kù díẹ̀ kó hó pa á ná, kí ẹ tó kó o sínú sípíríìtì. Bí ẹ bá sọ ọ́ síbẹ̀ láàyè, ara rẹ̀ á súnkì. Ìdin tó súnkì á dà bí ìdin kékeré, iye ọjọ́ tí ẹ máa kọ á sì dín. Ẹ fi ìdajì sílẹ̀ láàyè, kí ẹ sìn ín títí á fi di eṣinṣin, torí ó ṣòro láti fi ojú lásán mọ ọmọ irú eṣinṣin òkú tí a ń pè ní Kírísómíyà kan yàtọ̀ sí èkejì.

Èkejì ni ilẹ̀.

Ní ọdún 11 sẹ́yìn tí mo wí yẹn, òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀. Ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ni, wọ́n ti fi páànù bò ó, ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú yàrá kan. Ọ̀gá mi ló gbé e síbẹ̀, wọn ò sọ ọjọ́ fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago 9, ni mo débẹ̀. Mo rí ìdin tó ti dé ìpele kẹta, ojú ihò ìmí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pé mẹ́ta, ó ṣì ń jẹun. Nínú ìwé tí a fi ń ka ìdàgbà ìdin, ìdin bẹ́ẹ̀ ti gba nǹkan bí ọjọ́-dígírì 45, ìyẹn àròpọ̀ ooru tó rí lò lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan láti ìgbà ẹyin. Pápákọ̀ òfuurufú Alákìà sọ pé dígírì 25 ni ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo yọ 10 tí ìdin kì í dàgbà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ku 15. Mo fi 15 pín 45, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: ọjọ́ 3.

Ọ̀gá mi jẹ́ kí n kà á tán níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ṣọ́bìrì kékeré, wọ́n rìn tó mítà mẹ́ta lọ sídìí ògiri, wọ́n sì gbẹ́ yanrìn abẹ́ búlọ́ọ̀kù kan. Ìdin tó ti sé ara rẹ̀ mọ́ èèpo ló wà níbẹ̀, ó pupa rúsúrúsú, ó pọ̀ bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Àwọn àgbà nìyẹn, tí wọ́n ti jẹun yó tí wọ́n sì ti kúrò lára òkú. Àwọn àbúrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ni mo kà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, aago 7, ni wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé kí n gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n dákẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Kò tán síbẹ̀ o. Èèpo yẹn gba ọjọ́-dígírì 100. Mo tún fi 15 pín in: ọjọ́ mẹ́fà àti wákàtí 16. Ẹ ka á sẹ́yìn láti aago 9 àárọ̀, ẹ ó bá ara yín ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Èyí ni ẹ̀kọ́ kẹta wá já sí: páànù kì í ṣe Alákìà. A fi tẹmọ́mítà sílẹ̀ nínú yàrá náà fún ọjọ́ márùn-ún, a fi wéra pẹ̀lú ti pápákọ̀ lójúmọ́ kan náà, yàrá sì fi dígírì mẹ́ta gbóná jù ú lọ. Nítorí náà 28 ni, ó ku 18. 100 tí a fi 18 pín fún wa ní ọjọ́ márùn-ún àti wákàtí 13, ìyẹn nǹkan bí aago 8 alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Eṣinṣin wọ̀nyí kì í sábà yé ẹyin lóru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹyin ti wà lára òkú kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn dúró. Ẹ kíyè sí i pé “kò dín ní” ni mo máa kọ, n kò ní kọ pé ọjọ́ báyìí gan-an ni, torí ìgbà tí eṣinṣin débẹ̀ ni ìdin mọ̀. Bí wọ́n bá fi tapólì wé òkú, tàbí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìgbà náà lè jìnnà sí ìgbà tí èèyàn kú. Ọkùnrin kan lè wà ní àtìmọ́lé lórí ọjọ́ 3 tí ẹ kọ, nígbà tó jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹfà ló yẹ kí wọ́n bi í ibi tó wà.

Ẹ padà sí Àjíbọ́dé lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí. Ìdí ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.